Dídá ẹ̀dà orin mọ̀ nípa ìyára àti ẹsẹ àfikún

Dídá ẹ̀dà orin mọ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí tó ń dún gan-an nínú oríṣiríṣi ẹ̀dà tí orin kan ní. Orin kan lè ní ẹ̀dà àkọ́kọ́, ó lè ní rìmíìsì tí olórin mìíràn ti kópa, ó sì lè ní ẹ̀dà tí àwọn olùgbọ́ fúnra wọn mú yára tàbí mú falẹ̀. Ohun méjì ló sábà máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ létí: ìyára ìlù àti ẹsẹ tí a fi kún orin náà. Ẹni tó bá fi ẹ̀dà kan pe òmíràn lè yọ orúkọ olórin kúrò nínú iṣẹ́ tó ṣe, tàbí kí ó fi orúkọ ẹni tí kò kọrin níbẹ̀ sí i.

Àpẹẹrẹ kan

Calm Down jẹ́ orin Rema, olórin tó wá láti Ìlú Benin ní Nàìjíríà. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni rìmíìsì rẹ̀ jáde, nínú èyí tí Selena Gomez, olórin ará Amẹ́ríkà, ti kọ ẹsẹ tirẹ̀. Ìyára àwọn méjèèjì kò yàtọ̀: ìlù bíi 107 ni ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ìyára nìkan kò lè yà wọ́n. Ẹsẹ tí obìnrin náà lé ni àmì. Ẹsẹ yìí náà ló mú kí rìmíìsì gùn ju ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ: àkọ́kọ́ gba bíi ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 39, rìmíìsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìṣẹ́jú 4.

Kíka ìlù

A máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tẹ̀ lé ìlù fún ìṣẹ́jú àáyá 30, a ó ka iye ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí ènìyàn tẹ ẹsẹ̀ ní ìdajì ìyára tàbí ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹni tó bá rí 53 tàbí 214 fún Calm Down kò tíì rí ẹ̀dà tuntun. Bí ó ṣe ka ìlù ló yàtọ̀.

Ohun tí ohùn ń sọ

Bí wọ́n bá mú gbogbo orin yára bí ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì bá ń sáré, ohùn olórin yóò ga pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìyára bá fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ohùn yóò gòkè láti ojú kan sí ojú tó tẹ̀ lé e lórí dùùrù, bí a bá ka àwọn ojú funfun àti dúdú pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá yí padà tí ohùn olórin sì wà bó ṣe wà, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti to ìlù tuntun sábẹ́ ohùn àtijọ́, tàbí kí ó ti lo ẹ̀rọ tó ń mú orin yára láìgbé ohùn sókè.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé a ka ìlù 67 nínú ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìyẹn jẹ́ 134 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi 107 pín in, a ó rí bíi 1.25: wọ́n ti fi ìdá mẹ́rin kan kún ìyára orin náà. Ohùn Rema yóò ti gòkè tó ojú dùùrù mẹ́rin, yóò sì tín-ín-rín bí ohùn ọmọdé. Ó kù kí a mọ èyí tí wọ́n mú yára. Bí ẹsẹ obìnrin bá wà níbẹ̀, rìmíìsì ni. Bí orin bá sì parí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 175 láìsí ẹsẹ náà, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni.

Ibi tí ọ̀nà yìí mọ

Ní òde àríyá, ìyàtọ̀ kékeré nínú ìyára kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn díjé fi ń yí àwo lè mú orin yára tàbí falẹ̀ tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí orin kan lè bá èyí tó tẹ̀ lé e mu. Calm Down lè tipa bẹ́ẹ̀ wà níbikíbi láàárín 98 àti 116. Bákan náà, ègbè tí a gbọ́ nìkan kò tó láti fi pinnu, nítorí pé Rema ń kọ ọ́ nínú ẹ̀dà méjèèjì. Ó di dandan kí a dúró de àwọn ẹsẹ tó tẹ̀ lé ègbè náà kí a tó dárúkọ ẹ̀dà.