Ẹkún Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ọgbọ́n Ẹ̀wẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ṣe àpẹẹrẹ. Ní aago kan ọ̀sán, ó kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí Wasáàpù: "Àǹtí mi, ọkàn mi ò balẹ̀ lónìí." Àǹtí kà á, ṣùgbọ́n ó wà ní ìpàdé, kò fèsì. Kó tó di aago mẹ́rin, àbúrò ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ìgbà tó gbé e, ohun tó gbọ́ ni: "Tí mo bá kú, ẹ máa sinmi." Ó sá kúrò níbi iṣẹ́, ó lọ jókòó tì í. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́sàn-án, àbúrò ti ń jẹ àmàlà, fíìmù sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ mọ́, ìyá wọn ní: "Ṣé o rí i báyìí? Ó mọ ohun tó ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí jọ òótọ́ gan-an, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú u wò.

Ó ṣeé ṣe kí dókítà ọpọlọ rí àmì àìsàn tí wọ́n ń pè ní bọ́dálaìnì nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àmì mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń lò. Márùn-ún gbọ́dọ̀ pé, kó sì ti pẹ́ lára ẹni náà, kí wọ́n tó lè fi orúkọ náà pè é. Lára wọn ni ìbẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ já èèyàn sílẹ̀, ọkàn tó ń yí padà láàárín wákàtí díẹ̀, àti kéèyàn máa ṣe ara rẹ̀ léṣe. Òmíràn ni pé ẹni tó ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní ìyá lọ́jọ́ Ajé lè kà á sí ọ̀tá lọ́jọ́bọ̀, nítorí pé ó ṣe àtúnṣe sí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì á ní ojú méjì ló ní. Bẹ́ẹ̀, tọkàntọkàn ló fi sọ méjèèjì.

Marsha Linehan, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń tètè gbaná, iná náà máa ń ga, kì í sì í tètè kú. Ẹ lè bi mí pé ẹ̀rín aago mẹ́sàn-án ńkọ́? Ẹ̀rù pé wọ́n já òun sílẹ̀ ló dá iná yẹn. Nígbà tí Àǹtí wọlé, ẹ̀rù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ná ṣì wà lábẹ́ eérú. Tí ohùn Àǹtí bá le díẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, á tún ràn.

Ibi tí ìyá ti ṣìnà ni pé ó fi àbájáde wá èrò. Àbúrò sọ̀rọ̀ ikú, Àǹtí sá wá. Ìyá wá ní torí kó lè sá wá ló ṣe sọ ọ́. Linehan ta ko irú ìrònú yìí: ẹni tó mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ í ṣe, ẹnikẹ́ni kì í tètè fura sí i. Ẹ tún ka ọjọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ti aago kan kò mú nǹkan wá. Ìpè mẹ́tàlá kò mú nǹkan wá. Ọ̀rọ̀ ikú nìkan ló ṣílẹ̀kùn. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ara á kọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó gbèrò, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń kọ́ bí ẹkún ṣe gbọ́dọ̀ le tó.

Àwọn dókítà pàápàá ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Lọ́dún 1988, Glyn Lewis àti Louis Appleby gbé ìtàn aláìsàn kan fún àwọn dókítà ọpọlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn kan náà ni, àfi pé wọ́n fi kún ti àwọn kan pé dókítà kan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìwà ẹni náà ló ní àrùn. Àwọn tó ka gbólóhùn yẹn ló túbọ̀ ka aláìsàn náà sí ẹlẹ́tàn tó kàn fẹ́ kí wọ́n máa wo òun.

Mi ò sọ pé ẹni tó ní bọ́dálaìnì kì í purọ́. Gbogbo wa là ń purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń san gbèsè náà. Ẹlẹ́tàn máa ń jèrè, ọkàn rẹ̀ sì máa ń balẹ̀. Ẹni tiwa yìí ń pàdánù iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́, ojú ń tì í lẹ́yìn ìjì, òmíràn sì ń fi abẹ ya ara rẹ̀ ní bálùwẹ̀, tó ń fi apá aṣọ gígùn bò ó kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Kò sí oògùn kan pàtó fún un. Ìtọ́jú tí Linehan gbé kalẹ̀, tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń gba inú ìjì kọjá láìṣe ara rẹ̀ léṣe, wà lára èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù. Lọ́dún 2011, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé òun ti wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ lọ́mọ ọdún 17, tí òun ń ṣe ara òun léṣe.

Ní ti Àǹtí, bí àbúrò bá dárúkọ ikú, kó gbà á gbọ́, kó bi í tààrà bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀, kó má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kó sì wá dókítà. Ṣùgbọ́n aago kan ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: "Mo ti rí i. Ìpàdé ni mo wà, màá pè ẹ́ ní aago mẹ́ta." Kó sì pè é ní aago mẹ́ta, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá mọ̀ pé òun ò ní lè pè, kó dá aago mẹ́fà.