Omira Tó Kéré Jù àti Omira Tó Pọ̀ Jù Nínú Oyún

Kí ni omira?

Omira ni omi tó yí ọmọ ká nínú ilé-ọmọ. Láti ìdajì oyún lọ, ìtọ̀ ọmọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ ń tọ̀, ó sì ń gbé omi náà mì padà.

Bí ìtọ̀ ọmọ bá dín kù, tàbí tí àpò omira bá ń jò, omira yóò kéré. Lára ohun tó ń fà á ni àìsàn kíndìnrín ọmọ, ibi-ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àti lílo íbúprófínì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20. Bí ọmọ kò bá lè gbé omi mì, tàbí tí àtọ̀gbẹ ìyá mú kí ó máa tọ̀ jù, omira yóò pọ̀ jù. Nígbà mìíràn, àyẹ̀wò kì í fi ìdí kankan hàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́?

Sikáànì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, ọ̀nà méjì ló sì wà. Nínú èkíní, wọ́n á pín ikùn sí mẹ́rin, wọ́n á wọn ibi tí omi ti jìn jù ní apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ro ó pọ̀. Bí àròpọ̀ náà kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, omira kéré. Bí ó bá ju 25 lọ, ó pọ̀ jù. Nínú èkejì, ibi kan ṣoṣo tó jìn jù lọ ni wọ́n ń wọ̀n: ìsàlẹ̀ 2 kéré, 8 sókè pọ̀ jù. Okùn ìwọ́ àti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ibi tí wọ́n wọ̀n. Bí òṣìṣẹ́ bá sì tẹ ikùn jù, omi yóò dà bí ẹni pé ó kéré ju bó ṣe rí.

Àpẹẹrẹ kan

Bí àpẹẹrẹ, aboyún kan wà ní ọ̀sẹ̀ 38, apá mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 1.2, 2.3, 0 àti 1.1. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.6, èyí tó túmọ̀ sí pé omira kéré. Ṣùgbọ́n ibi tó jìn jù jẹ́ 2.3, èyí tó wà ní ìwọ̀n tó yẹ. Ìwádìí fi hàn pé ọ̀nà àròpọ̀ ń mú kí wọ́n fi oògùn mú aboyún púpọ̀ sí i rọbí, láìjẹ́ pé ọmọ jèrè kankan nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà ibi kan ṣoṣo ló dára jù láti fi ṣe ìpinnu.

Kí ló kàn?

Fún omira tó kéré, òṣìṣẹ́ ìlera á kọ́kọ́ béèrè bóyá omi ń jò. Lẹ́yìn náà, á wo ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, ìdàgbàsókè ọmọ àti bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Bí oyún bá ti tó ọjọ́ tàbí tí ọmọ bá wà nínú ewu, wọ́n lè gbẹ̀bí rẹ̀.

Fún omira tó pọ̀ jù, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, wọ́n á sì wo ara ọmọ nínú sikáànì. Bí omira bá tú lójijì, okùn ìwọ́ lè yọ ṣáájú ọmọ, nítorí náà ilé ìwòsàn ló yẹ kí ìyá ti bímọ. Kí àwọn agbẹ̀bí tún múra sílẹ̀ de ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Aboyún tí omi bá ń jò lára rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kò mira bí ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí ikùn rẹ̀ tóbi lójijì tí kò sì lè mí dáadáa, gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.