Ọjọ́ Mẹ́rìnlá, Fídíò Mẹ́wàá

Ẹni tó bá lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, á fọwọ́ pa aṣọ náà, á gbé e síta wò nínú oòrùn, á sì béèrè bóyá aró rẹ̀ ń ṣí. Ẹni tó fẹ́ rà á lórí fóònù kò lè ṣe ìkankan nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìsọ̀ sórí ayélujára tó ṣètò fídíò kankan, ìbéèrè oníbàárà ni kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ìbéèrè kan, fídíò kan.

Ẹ jẹ́ ká fi aládìrẹ kan ṣe àpẹẹrẹ. Fídíò mẹ́wàá ló máa gbé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, láti Ajé dé Ẹtì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Ní Sátidé tó ṣáájú, ó ya mẹ́jọ pa pọ̀, ó sì fi àyè méjì tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ lófìfo.

Ọ̀sẹ̀ kìíní wà fún ìfọkàntán. Lọ́jọ́ Ajé, ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ látòkèdélẹ̀, ó sì wọn yáàdì rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rì í sínú omi nínú abọ́ funfun, ó fún un. Bí aró bá ṣí díẹ̀, kó má fi pa mọ́; kó sọ pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n máa fọ̀ ọ́. Ọjọ́rú ni ti aláró tó ń fi ìyẹ́ ya ọnà ẹlẹ́kọ. Ọjọ́bọ̀, olójà fojú ara rẹ̀ hàn. Ẹtì, ẹnìkan wọ aṣọ tí wọ́n ti rán. Lọ́sẹ̀ kejì, ó sọ iye aṣọ àti owó ìfiránṣẹ́, ó fi bí wọ́n ṣe ń rà á hàn lójú fóònù, lẹ́yìn náà ló fi bó ṣe ń dì í hàn.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ní ojúmọmọ, ni kó ti yà á. Lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè, aró èlú a máa dà bíi dúdú, oníbàárà á sì ní ohun tóun rí kọ́ ni wọ́n gbé wá. Kó fi ìbéèrè gan-an bẹ̀rẹ̀: “Ṣé aró rẹ̀ ń ṣí?” Ìkíni dára, àmọ́ tó bá gùn, ẹni tó ń wò ó á ti kọjá lọ.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kìíní, kó wo ibi táwọn èèyàn ti ń fi fídíò sílẹ̀. Bó bá jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń fẹ́ àtúnṣe. Bí wọ́n bá wò ó tán tí wọn kò sì rà á, kó yẹ iye owó àti ọ̀nà ìsanwó wò. Bí ẹni mẹ́ta bá sì ti béèrè pé, “Yáàdì mélòó ló tó ìró àti bùbá?”, fídíò Ọjọ́bọ̀ tó wà lófìfo ti rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn.