Bí Nọ́ńbà Ṣe Ń Rọ Láàárín Ìpele

Kí nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà tó kọ́ ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ fún un ní àwọn nọ́ńbà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tí à ń pè ní ìwúwo. Ìpele kọ̀ọ̀kan máa ń fi ìwúwo tirẹ̀ ṣe ìlọ́po ohun tó gbà, á ro ó pọ̀, á sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìpele tó kàn. Nígbà tí wọ́n kọ́ AlexNet lọ́dún 2012, nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n ṣà láìtò, tí ìyapa wọn sí òdo jẹ́ 0.01, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìpele 8 péré ló ní. Bí ìpele bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wàhálà dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìpele kan ń gba nọ́ńbà 512, tí ìyapa ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ 0.01. Ìtànká ìwúwo náà, ìyẹn ìyapa lọ́nà ara rẹ̀, jẹ́ 0.0001. Ìpele náà yóò sọ ìtànká ohun tó gbà di ìlọ́po 512 × 0.0001, èyí tó jẹ́ 0.0512. Ohun tó jáde kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ohun tó wọlé. Lẹ́yìn ìpele 5, ìtànká tó jẹ́ 1 níbẹ̀rẹ̀ kò ní tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù méjì mọ́. Bí a bá sì fi 0.1 dípò 0.01, ìlọ́po náà di 5.12, nọ́ńbà á máa wú sí i ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Rírọ yìí ló ń pa ẹ̀kọ́. Àtúnṣe tí ìwúwo kan ń gbà dá lórí nọ́ńbà tó wọ inú ìpele náà, àti lórí àmì àṣìṣe tó ń padà bọ̀ láti ìparí. Àmì yẹn náà ń gba àárín àwọn ìwúwo kan náà kọjá, òun náà sì ń rọ.

Lọ́dún 2010, Xavier Glorot àti Yoshua Bengio ní Yunifásítì Montreal dábàá pé kí ìtànká ìwúwo jẹ́ 2 tí a pín fún àròpọ̀ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde. Fún 512 wọlé, 512 jáde, ó di 1/512, ìlọ́po sì di 1 gẹ́lẹ́. Ìṣirò wọn gbà pé ohun tó ń jáde kò tíì yí padà púpọ̀ nítòsí òdo.

ReLU kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà tó bá kéré sí òdo ló ń sọ di òdo, ìdajì agbára á sì sọnù ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele 30, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù. Lọ́dún 2015, Kaiming He àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Microsoft Research dá ìdajì náà padà: 2 tí a pín fún iye tó ń wọlé nìkan. Fún 512, ìyapa ìwúwo di 0.0625. Nínú ìdánwò wọn lórí nẹ́tíwọ̀kì onípele 30, ti Xavier kò kọ́ nǹkan kan, tiwọn kọ́ ọ.

Nínú PyTorch, ìlà kan ló gbà:

```
nn.init.kaiming_normal_(layer.weight, nonlinearity='relu')
```

Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ìlànà yìí ń tọ́. Bí ẹ̀kọ́ bá ti ń lọ, ìwúwo á máa yí padà. Ẹni tí àṣìṣe nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tẹ ìyapa èsì ìpele kọ̀ọ̀kan jáde kó tó máa yí nǹkan mìíràn. Bí nọ́ńbà bá ń dín kù láti ìpele dé ìpele, ìwúwo ìbẹ̀rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.