Ilé Onílé, Ẹrù Ayálégbé: Èwo Ni Adójútòfò Ń Dáàbò Bò?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, púpọ̀ nínú yín ti kọ́lé, púpọ̀ sì ń gbé inú ilé tí wọ́n háyà. Nígbà tí iná bá jó ilé kan, ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ṣé ilé náà ní ìnṣúránsì?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ó yẹ kí a tún béèrè pé: orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé náà, àti pé ṣé ilé ni ó ń dáàbò bò ni tàbí ẹrù?

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ka ìwọ̀nyí sí. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí a ró o pé òmìrán kan ṣí òrùlé kúrò, ó sì dojú ilé náà dé. Gbogbo ohun tí ó bá já bọ́ ni ẹrù: àga, ibùsùn, aṣọ, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí ó bá dúró sí ipò rẹ̀ ni ilé: ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn, táìlì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wáyà iná inú ògiri àti kọ́bọ́ọ̀dù tí káfíńtà kàn mọ́ ògiri.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Onílé ń gbé òkè, ayálégbé rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀. Onílé ti ra ìdáàbòbò fún ilé nìkan. Ayálégbé kò ra ohunkóhun, nítorí ó gbà pé ìwé onílé ti kárí òun náà. Wáyà inú àjà gbiná lóru ọjọ́ kan, iná sì jó òkè àti ìsàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò sanwó òrùlé, àjà àti ògiri. Kò ní san kọ́bọ̀ kan lórí ibùsùn àti aṣọ ayálégbé, nítorí kò bá a dá májẹ̀mú kankan. Kò sì ní sanwó àga onílé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹrù ni àga. Nítorí náà, onílé tí ó ń gbé inú ilé rẹ̀ nílò méjèèjì; onílé tí ó kàn ń gbowó ilé nílò ti ilé; ayálégbé nílò ti ẹrù.

Fún onílé, ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni iye tí ó kọ sínú ìwé. Kì í ṣe iye tí ilé yóò tà lọ́jà ni a ń kọ, nítorí iye ilẹ̀ wà nínú ìyẹn, iná kì í sì í jó ilẹ̀. Iye tí yóò ná wa láti tún ilé náà kọ́ lónìí ni. Ká ní mílíọ̀nù 60 náírà ni a óò fi tún un kọ́, ṣùgbọ́n onílé kọ mílíọ̀nù 30 kí owó ọdọọdún rẹ̀ lè kéré. Iná wá ba ohun tí ó tó mílíọ̀nù 8 jẹ́. Onílé lè rò pé mílíọ̀nù 8 kò tó 30, nítorí náà òun yóò gbà á pé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdajì ni ó dáàbò bò, ìdajì náà ni wọn yóò san: mílíọ̀nù 4. Bí owó símẹ́ńtì àti irin bá ti ń gbówó lórí, ó yẹ kí a máa tún iye náà wò lọ́dọọdún. Òfin kan náà ni ó sábà máa ń de ẹrù.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ayálégbé. Bí ó bá jẹ́ pé àìṣọ́ra rẹ̀ ni ó fa iná náà, bóyá ó gbàgbé ìkòkò sórí iná, ilé-iṣẹ́ tí ó ti sanwó fún onílé lè dìde ní ipò onílé, kí ó sì béèrè owó náà lọ́wọ́ ayálégbé. Nígbà tí ẹ bá ń ra ìdáàbòbò ẹrù, ẹ béèrè bóyá ó kan irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì ti fi owó yín kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri ilé onílé, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má baà di ohun tí ìwé yín àti ti onílé jọ yẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìparí, ẹ ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ kó rìsíìtì jọ, kí ẹ sì fi ẹ̀dà wọn pamọ́ sí ibòmíràn. Rìsíìtì tí ó bá jóná pẹ̀lú ẹrù kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.