Kí Ẹ Tó Fi Kọ́kọ́rọ́ Ilé Lé Alábòójútó Lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá kan bí àpẹẹrẹ. Pẹ́kàmù ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé. Owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi kọ́ ilé alájà kan sí Ẹ̀gbẹ́dá l'Ékòó, fúláàtì mẹ́fà, yàrá méjì-méjì. Àbúrò rẹ̀ ló ti ń bá a gba owó ilé láti ọjọ́ tó pẹ́, ṣùgbọ́n àbúrò ti kó lọ sí Àbújá. Ilé iṣẹ́ alábòójútó ilé mẹ́ta gbọ́, wọ́n sì fi ìwé àbá ránṣẹ́ sí i: iṣẹ́ tí àwọn yóò ṣe, owó tí àwọn yóò gbà, ìgbà tí àwọn yóò máa jábọ̀, àti bí àwọn yóò ṣe máa yan ayálégbé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ ọ́ pé ìdámẹ́wàá owó ilé ni owó iṣẹ́ àwọn. Ìyá rò ó pé bí owó wọn bá ti dọ́gba, kí òun kúkú mú ẹni tó kọ́kọ́ pe òun.

Owó wọn kò dọ́gba. Ohun tí wọ́n ń wá ìdámẹ́wàá rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ká ní ₦800,000 ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Bí gbogbo ayálégbé bá san, ₦4,800,000 ni yóò wọlé. Ṣùgbọ́n ká sọ pé àwọn méjì kò san lọ́dún yìí, ₦3,200,000 ló wọlé. Ìwé àkọ́kọ́ ní ìdámẹ́wàá owó tó bá tẹ àwọn lọ́wọ́ ni àwọn yóò gbà, ìyẹn ₦320,000. Ìwé kejì ní ìdámẹ́wàá owó tó yẹ kó wọlé, nítorí náà ₦480,000 ni tiwọn, bóyá wọ́n rí owó náà gbà tàbí wọn kò rí i. Ìwé kẹta gba ìdámẹ́wàá owó tó wọlé bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé kẹrin pé àwọn yóò fi ìdámẹ́wàá kún gbogbo àtúnṣe tí àwọn bá bójú tó. Bí wọ́n bá fi ₦900,000 tún òrùlé ṣe tí wọ́n sì kun ilé, ₦90,000 mìíràn ti wọ àpò wọn.

Èmi yóò mú ti àkọ́kọ́, kì í ṣe nítorí pé òun ló kéré jù nìkan. Alábòójútó tó ń gba owó lórí ohun tó yẹ kó wọlé kò ní ìdí kankan láti lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹni tó ń gba owó lórí àtúnṣe ni yóò jèrè bí iṣẹ́ káfíńtà bá wọ́n. Mi ò sọ pé owó àbójútó àtúnṣe jẹ́ olè. Bí wọ́n bá ń ṣe òrùlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹni náà sì yẹ lẹ́ni tí à ń sanwó fún. Kí ẹ kàn ní kí wọ́n kọ ọ́ pé iṣẹ́ tó bá kọjá iye kan pàtó ni owó yẹn wà fún, kì í ṣe fún títún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe.

Owó mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ onílé kì í ka sí, nítorí pé kì í ti àpò wọn jáde. Nígbà tí ayálégbé tuntun bá wọlé, òun ló ń san owó ẹ́jẹ́ǹtì àti owó àgíríméǹtì. Ní ọ̀pọ̀ ibi l'Ékòó, ìdámẹ́wàá owó ilé ni wọ́n ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí fúláàtì ₦800,000, ìyẹn jẹ́ ₦160,000. Ẹ fi wé ₦80,000 tí alábòójútó ń rí lọ́dún lórí ayálégbé tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń sanwó déédéé. Ẹni tó kó jáde ń mú owó wọlé fún un ní ìlọ́po méjì ẹni tó dúró. Onílé ní tirẹ̀, bí fúláàtì bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, ₦200,000 ti lọ nìyẹn, kò sì tíì kun ògiri.

Torí náà, ẹ wo bóyá ìwé àbá náà sọ ohunkóhun nípa èyí. Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà láti kọ ọ́ pé bí ayálégbé tí àwọn mú wá bá kó jáde kí ọdún tó pé, tàbí tó bá jẹ gbèsè ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn yóò wá ẹlòmíràn láìgba owó ẹ́jẹ́ǹtì. Yóò tún gbà pé àwọn kò ní gba owó àgíríméǹtì lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń san owó ọdún mìíràn. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ jálẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí èrè wọn wà.

Ìjábọ̀ ló kàn. Ìwé kan nínú mẹ́ta náà ṣèlérí ìjábọ̀ lóṣooṣù, ó sì dùn mọ́ ìyá nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń san owó ilé lọ́hùn-ún; ọdọọdún ni tiwa. Nínú oṣù méjìlá, bí ayálégbé kọ̀ọ̀kan bá san tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán mẹ́fà ni kò ní sí owó kankan tó wọlé ní ilé fúláàtì mẹ́fà. Ohun tó bá ilé irú èyí mu ni kí wọ́n sọ fún onílé láàárín ọjọ́ méje tí owó kankan bá wọlé, kí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ kíkún ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ọ́ fún un ní oṣù mẹ́ta kí owó ilé fúláàtì kọ̀ọ̀kan tó parí: ta ló fẹ́ dúró, ta ló fẹ́ lọ, èló ni wọ́n ń gbà ní àdúgbò báyìí.

Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta tó dára lè rí báyìí. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, fúláàtì 2 san ₦800,000, fúláàtì 4 san ₦500,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦1,300,000. Owó alábòójútó, ₦130,000. Wọ́n fa ẹ̀gbin inú sọkawéè, ₦60,000. Wọ́n tún pọ́ǹpù omi ṣe, ₦45,000, àwòrán rìsíìtì méjèèjì wà níbẹ̀. Ó ku ₦1,065,000, wọ́n ti fi í sínú àkáǹtì onílé ní ọjọ́ báyìí-báyìí. Fúláàtì 4 ṣì jẹ ₦300,000, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò san án ní òpin oṣù kẹrin. Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Àkọsílẹ̀ tí kò bá sọ ohun tí kò wọlé, ìdajì ló sọ.

Ibòmíràn tí ojú gbọ́dọ̀ wà ni iye tí wọ́n lè ná láìbéèrè. Ó yẹ kó wà, nítorí páìpù tó bẹ́ lóru kò lè dúró de ìyá tó ń sùn ní Pẹ́kàmù. Ká ní ₦50,000 ni. Bí ẹ bá wá rí ₦48,000, ₦49,500 àti ₦47,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí pọ́ǹpù kan ṣoṣo, wọ́n ti gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n má baà béèrè.

Owó ilé àti owó tí àwọn ayálégbé ń dá fún iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbígbá àyíká àti ẹ̀ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì kan náà. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún irú owó bẹ́ẹ̀, àti sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bí alábòójútó bá da owó méjèèjì pọ̀, onílé ni wọn yóò wá bá.

Ọ̀rọ̀ yíyan ayálégbé ni ìwé àbá máa ń fi ìlà kan ṣoṣo sọ: "A máa ń yẹ àwọn ayálégbé wò dáadáa." Ẹ béèrè pé báwo. Òfin 2011 yẹn kan náà ló jẹ́ kí ìbéèrè yìí wúwo. Bí àgíríméǹtì kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ọjọ́ méje pé onílé ń lọ sí kóòtù, lẹ́yìn rẹ̀ kóòtù fúnra rẹ̀. Kíká òrùlé mọ́ ayálégbé lórí tàbí títi ilẹ̀kùn mọ́ ọn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Àṣìṣe ọjọ́ kan lè di ìnira ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó tó ń wọlé fún ẹni náà ni àkọ́kọ́. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò ni pé kí owó ilé má ju ìdámẹ́ta owó tó ń wọlé lọ́dún. Fún ₦800,000, ẹni náà gbọ́dọ̀ máa rí bíi ₦200,000 lóṣù. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè mú ìwé owó oṣù wá. Oníṣòwò kò ní i, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ká lé e. Ìwé báńkì oṣù mẹ́fà wà, ẹsẹ̀ sì wà láti fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà.

Ohun kejì ni ẹ̀rí láti ilé tó ti ń bọ̀, ibí sì ni ọ̀pọ̀ alábòójútó ti ń ṣìnà. Onílé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí ni wọ́n máa ń pè. Bí ẹni náà bá jẹ́ ayálégbé burúkú, kí ni onílé yẹn yóò sọ? Yóò yìn ín, kó baà lè tètè kó jáde. Onílé tó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni kí wọ́n wá, ẹni tí kò ní ohun tí yóò jèrè tàbí pàdánù mọ́. Kí wọ́n sì lọ wo ibi tó ń gbé nísinsìnyí: bí ilé ìdáná bá ṣe rí lónìí, bẹ́ẹ̀ ni tiyín yóò ṣe rí lọ́dún tó ń bọ̀.

Onídùúró gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n rí lójú, tí wọ́n mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ àti nọ́ńbà fóònù lásán. Ẹ̀yà ẹni, ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí pé obìnrin tí kò tíì lọ́kọ ni, kò sọ nǹkan kan nípa bóyá yóò sanwó. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tó béèrè gbogbo ìyẹn tí kò sì béèrè èló ló ń wọlé fún ẹni náà. Ìwà ìkà ni, òmùgọ̀ sì tún ni.

Kí ìyá tó fọwọ́ síwèé, kó béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn onímọ̀ ilé àti ìdíyelé, àti lọ́dọ̀ LASRERA, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ fún òwò ilé àti ilẹ̀. Kó sì wá bí àdéhùn náà ṣe ń parí. Oṣù mẹ́ta ni mo rí pé ó tó fún ìkìlọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí ó wà nínú ìwé pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá pínyà, wọn yóò kó kọ́kọ́rọ́, àgíríméǹtì àwọn ayálégbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, fọ́ọ̀mù wọn, àti owó kọ́ṣọ̀n tó wà lọ́wọ́ wọn fún onílé. Owó kọ́ṣọ̀n ayálégbé mẹ́fà, bó bá jẹ́ ₦80,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦480,000 ni. Bí alábòójútó bá bá a lọ, ìyá ni yóò san án padà fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó bá ń kó jáde.