Àwòrán Tó Tú Àṣírí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Ká ní akọ̀wé owó ní ọ́fíìsì kékeré kan fẹ́ tẹ ìwé, ìwé kọ̀, kò jáde. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà ní yàrá kejì ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà láìsí wàhálà. Wọ́n yẹ wáyà wò, wáyà ò ṣe nǹkan kan. Ó di ọ̀dọ̀ àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Kùrukùru tó wà lókè àwòrán náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlà kan ti ibẹ̀ wá sí ara òbírí tí ọfà mẹ́rin wà nínú rẹ̀: rútà nìyẹn. Ìlà méjì tún ti ara rútà bọ́ sí ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí àpótí onígun mẹ́rin tí ọfà wà lára rẹ̀. Súwíìsì ni wọ́n, àwọn ni wáyà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ̀.

Ẹni tó bá wo ìlà nìkan á rò pé agbo ilé kan ni gbogbo wọn. Nọ́ńbà ló ń sọ ẹni tó ń bá ẹni gbé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìsì àkọ́kọ́, wọ́n kọ `192.168.10.0/24`. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, `192.168.20.0/24`. Sọ́bnẹ́ẹ̀tì ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àdúgbò sì ni. `/24` túmọ̀ sí pé nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni orúkọ àdúgbò, ìkẹrin ni nọ́ńbà ilé. Ilé 254 ló gbà.

Súwíìsì ń jíṣẹ́ láti ilé dé ilé nínú àdúgbò kan. Rútà ló ń gbé iṣẹ́ kọjá sí àdúgbò kejì, ìdí nìyẹn tó fi ní àdírẹ́sì nínú méjèèjì: `192.168.10.1` àti `192.168.20.1`. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì rútà ti àdúgbò tirẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń pè ní `Default Gateway`.

Àwòrán fi kọ̀ǹpútà akọ̀wé sí `192.168.10.25`, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí `192.168.20.40`. Láti orí kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n tẹ:

```
ping 192.168.20.1
ping 192.168.20.40
```

Ti àkọ́kọ́ dáhùn, ìkejì dákẹ́. Kọ̀ǹpútà ń dé ọ̀dọ̀ rútà nìyẹn. Àwọn aládùúgbò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń rí i lò, nítorí náà súwíìsì kejì náà ń ṣiṣẹ́. Ó ku ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀. Wọ́n wo ètò inú rẹ̀, wọ́n bá `192.168.10.1` níbi tó yẹ kí `192.168.20.1` wà. Yàrá àkọ́kọ́ ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e, wọ́n yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà, wọ́n gbàgbé ti rútà. Iṣẹ́ akọ̀wé ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èsì ni kò mọ ọ̀nà tó máa gbà jáde. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára, torí wọn kì í gba ọ̀dọ̀ rútà kọjá.

Wọ́n tún un kọ, ìwé jáde. Ṣùgbọ́n ká ní ètò yẹn pé pérépéré ńkọ́? Rútà ni wọn ì bá yẹ̀ wò, nítorí ó lè ní òfin tó ń dí ọ̀nà láàárín àdúgbò méjèèjì, àwòrán kì í sì í sábà fi irú òfin bẹ́ẹ̀ hàn.